Èémí, ara àti aago ọwọ́: bí ẹ ṣe lè mọ̀ bí iṣẹ́ ṣe le tó nígbà tí ẹ bá ń rìn tàbí sáré

Aago ọwọ́ tó ń ka ìlù ọkàn ti ń wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń rìn kánkán tàbí sáré ní òwúrọ̀ ní Kàbbà, Mòpà, Ìsánlú àti Ẹ̀gbẹ̀. Kò pẹ́ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ni ìdààmú máa ń dé. Aago á máa gbọ̀n lọ́wọ́ pé ẹ ti kọjá ààlà, bẹ́ẹ̀ ẹ ṣì ń bá ẹni tí ẹ jọ ń rìn tàkúrọ̀sọ geere. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀yin ń mí hẹlẹ lójú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, aago ní ìrìn yín kò tíì le.

Aago kò mọ ẹni tó wọ̀ ọ́ sọ́wọ́. Ọjọ́ orí tí ẹ tẹ̀ sínú rẹ̀ ló fi ń ṣírò ibi tí ọkàn yín lè lù dé, ìṣirò náà sì lè jìnnà sí bí ara yín ṣe rí. Ohun tó dáa jù tí ẹ lè ṣe ni pé kí ẹ lo ọ̀rọ̀ ẹnu yín àti bó ṣe ń rí lára yín láti fi kọ́ aago náà. Wákàtí kan péré ló ń gbà, lórí pápá ilé ìwé tó bá tẹ́jú. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ gbọ́ ti aago, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣíwọ́ wíwò ó.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ sísọ fi ń tú àṣírí ara

Èémí tó ń jáde la fi ń sọ̀rọ̀. Kí gbólóhùn kan tó parí, a ní láti dá mímí sínú dúró díẹ̀. Bí iṣẹ́ ara kò bá le, ara fara mọ́ ìdádúró yẹn. Ṣùgbọ́n bí ìrìn ṣe ń yára sí i, a máa dé ibì kan tí iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ásíìdì ju èyí tí ara lè tètè mú kúrò lọ. Bí ara ṣe ń pa ásíìdì yìí, afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáìdì ló ń ti inú rẹ̀ wá, ẹ̀dọ̀fóró ló sì gbọ́dọ̀ lé e jáde. Láti ibẹ̀ lọ, mímí á yára ju bí ẹsẹ̀ ṣe yára lọ, ara ò sì ní fẹ́ kí ẹ tún dá èémí dúró nítorí ọ̀rọ̀. Gbólóhùn á bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ẹnu ààlà tí a ń wá nìyẹn, ara fúnra rẹ̀ ló sì fi hàn wá.

Ìdáhùn mẹ́ta péré ni ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ ní. Ẹ sọ̀rọ̀, kí ẹ wá bi ara yín pé: ṣé mo lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn? Bó bá jẹ́ «bẹ́ẹ̀ ni», ẹ ṣì wà nísàlẹ̀ ẹnu ààlà. Bó bá jẹ́ «bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́…», tí ẹ ń mí láàárín gbólóhùn, tí ẹ sì fẹ́ kó tètè parí, ẹ ti wà lórí rẹ̀ tàbí létí rẹ̀. Bó bá jẹ́ «rárá», tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta lẹ lè sọ kí ẹ tó mí, ẹ ti kọjá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ni ohun tí wọ́n ń sọ. Lójú ọ̀nà wa, èèyàn á kí yín «Okun o», ẹ̀yin náà á dáhùn «Okun». Ìyẹn kì í ṣe ìdánwò. Ẹni tó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé lè sọ «Okun» tàbí «hẹ́n» láìsí wàhálà, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan kò gba èémí. Ohun tí ẹ nílò ni ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ sórí, tó tó ọgbọ̀n sí ogójì ọ̀rọ̀, tí ẹ lè kà jáde ní ohùn tí ẹ fi ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Oríkì yín dára gan-an fún un. Àdúrà Olúwa tàbí Fátíà náà dára. Ẹ má kọ ọ́ lórin, ẹ má sì sáré kà á, torí ẹni tó ń sáré kà á ń fi ibi tí èémí ti já pa mọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni kí ẹ máa lò nígbà gbogbo, kí ìdánwò òní àti ti oṣù tó ń bọ̀ lè ṣe é fi wéra.

Ẹ kíyè sí èyí náà: bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń dẹ̀ láìmọ̀. Ẹni tó bá dẹ̀ ẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ ti ba ìdánwò náà jẹ́. Nínú ẹgbẹ́ tó ń rìn pọ̀, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ rárá ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe ẹni tó ń rojọ́. Ó ṣeé ṣe kó ti kọjá agbára rẹ̀ látìgbà tó ti dákẹ́.

Nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá

Gunnar Borg, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Sweden, ló ṣe òṣùwọ̀n tí èèyàn fi ń sọ bí iṣẹ́ ṣe le tó lára òun. Ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 6 dé 20, torí pé bí ẹ bá fi 10 sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀, ó máa ń súnmọ́ iye ìgbà tí ọkàn ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ dá ń lù ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe èyí tó lọ láti òdo dé 10, òun náà ló sì rọrùn jù lójú ọ̀nà.

Nọ́ńbà lásán kò wúlò bí kò bá ní ohun tí ẹ fi dè é mọ́lẹ̀. Ẹ lè fi iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ dè é báyìí. Òdo ni ìjókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Méjì ni ìrìn gbẹ̀fẹ́ láti lọ kí ará àdúgbò. Mẹ́ta sí mẹ́rin ni ìrìn lọ sí ọjà láìgbé ẹrù. Márùn-ún sí mẹ́fà ni ìrìn ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ já òun sílẹ̀ ní gáréèjì. Méje sí mẹ́jọ ni ẹni tó ń gun òkè pẹ̀lú korobá omi lórí, tàbí ẹni tó ń kọ ebè iṣu láìsinmi. Mẹ́wàá ni èyí tí ẹ kò lè ṣe kọjá ìṣẹ́jú kan.

Bí ẹ bá ń bi ẹlòmíì, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ tí ẹ ó lò. «Ṣé ó ti rẹ̀ ọ́?» kọ́ ni ìbéèrè náà. Ẹni tí kò sùn lóru á dáhùn pé ó ti rẹ òun kó tó gbé ẹsẹ̀. Àgbẹ̀ tó ti kọ ebè ní ogún ọdún á ní kò rẹ òun, bẹ́ẹ̀ èémí rẹ̀ ti ń já. Ẹ bi í pé: «Báwo ni iṣẹ́ yìí ṣe le tó nísinsìnyí?» Ẹ bi í lẹ́nu ìrìn, kì í ṣe lẹ́yìn tó ti jókòó mu omi, torí pé ìsinmi ìṣẹ́jú méjì máa ń jẹ́ kí èèyàn gbàgbé bó ṣe le tó. Àgbẹ̀ àti ẹni tó ti fi ọjọ́ pípẹ́ ṣe eré ìdárayá sábà máa ń fún un ní nọ́ńbà tó kéré ju bó ṣe yẹ. Ìbéèrè tó ń tún un ṣe ni: «Ṣé o lè ṣe é báyìí fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí i?» Ẹni tó bá sọ pé mẹ́ta ni, tó wá ń ronú kó tó dáhùn ìbéèrè kejì yìí, kò sí ní mẹ́ta. Orin tó ń dún létí àti ìdíje pẹ̀lú ẹni tó wà níwájú náà máa ń fa nọ́ńbà náà wálẹ̀.

Ohun tí aago ń kà, àti ibi tó ti ń ṣì í

Ìṣirò tó wà nínú ọ̀pọ̀ aago rọrùn: 220, ẹ yọ ọjọ́ orí yín kúrò. Ẹni ọdún 46 á rí 174, aago á sì mú un pé ibẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ lè lù dé. Àmọ́ àárín gbùngbùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn ni nọ́ńbà yìí. Ó wọ́pọ̀ kí ti ẹnì kan fi mẹ́wàá sí méjìlá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kó dín ní bẹ́ẹ̀, àwọn kan sì wà tí ìyàtọ̀ náà tó ogún. Bí òkè nọ́ńbà bá ti yẹ̀, gbogbo ìpele tí aago gé jáde lára rẹ̀ ti yẹ̀ nìyẹn.

Àṣìṣe kejì wà lára irinṣẹ́ fúnra rẹ̀. Aago ọwọ́ ń tan iná aláwọ̀ ewé sí awọ ara, ó sì ń wo bí ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣàn lábẹ́ awọ ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀ tó padà sí i pa dà. Bí aago bá dẹ̀ lọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ ìta á wọlé, aago á sì máa fò sókè sódò. Òǹkà ìgbésẹ̀ lè dà á láàmú pẹ̀lú: bí apá ṣe ń jù, aago á mú ìjù apá náà pé ìlù ọkàn ni. Bí ẹ bá ń sáré ní ìgbésẹ̀ 160 ní ìṣẹ́jú kan, tí aago sì dúró sí 160 láìyẹ̀, ẹ fura. Awọ dúdú ń fa iná aláwọ̀ ewé mu ju awọ pupa lọ, nítorí náà dídè é dáadáa ṣe pàtàkì fún wa. Ẹ so ó ní ìwọ̀n ìka méjì sókè egungun ọrùn ọwọ́, kó le tó pé kò ní yí, ṣùgbọ́n kó má dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Bẹ́líìtì tí wọ́n ń so mọ́ àyà péye ju ti ọwọ́ lọ, torí iná mànàmáná ọkàn gan-an ló ń kà. Ẹ fi omi tẹ́ ibi tó ń kan awọ rẹ̀ kí ẹ tó so ó, torí bó bá gbẹ, kò ní ka nǹkan tó dáa títí òógùn á fi dé.

Ẹ lè fi ọwọ́ yẹ èyíkéyìí nínú wọn wò. Ẹ dúró, ẹ fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ọrùn ọwọ́ lábẹ́ àtàǹpàkò, kí ẹ ka ìlù fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ wá fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé láàárín ìdajì ìṣẹ́jú tí ẹ bá dúró, ọkàn ti ń wálẹ̀. Bí ti ọwọ́ àti ti aago bá fi ju mẹ́wàá yàtọ̀, ẹ tún aago so.

Ìdánwò náà lórí pápá

Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ikọ́ fée tàbí àìsàn ọkàn, tàbí tí àyà ti dùn ún rí nígbà tó ń ṣiṣẹ́, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Àwọn tó kù lè ṣe é ní òwúrọ̀ tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí wọ́n má ṣe é lọ́jọ́ tí ibà wà lára, kí wọ́n má sì ṣe é lẹ́yìn oúnjẹ tó kún inú.

Ẹ lo pápá tó tẹ́jú. Ẹ gba áàpù tó ń lu ìlù ìgbésẹ̀ sórí fóònù, tàbí kí ẹ ní ẹnì kan tó ń ka ìgbésẹ̀ yín fún ìṣẹ́jú àáyá 15, tó sì fi 4 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò dání, tàbí kí ẹni tó bá yín lọ máa kọ ọ́ sílẹ̀.

1. Ní àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ ka ìlù ọkàn yín fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.
2. Lórí pápá, ẹ rìn gbẹ̀fẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí ara lè gbóná.
3. Ẹ rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́ta ní ìgbésẹ̀ 90 ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí 100, 110, 120 àti 130, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn 130, ẹ yí i sí ìsáré wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ní nǹkan bí 150.
4. Bí ìdajì ìṣẹ́jú bá ṣẹ́ kù nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ wo aago kí ẹ tó la ẹnu, kí ẹ pe nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ sọ nọ́ńbà láti òdo dé mẹ́wàá. Ẹ wá ka oríkì yín láìdẹ ẹsẹ̀, kí ẹ sì fún un ní ìdáhùn: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni àmọ́, tàbí rárá.
5. Ibi tí ìdáhùn bá ti di «rárá» ni ìdánwò parí sí. Ẹ rìn gbẹ̀fẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ má jókòó lójijì.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ní ìdí. Ọkàn máa ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ lẹ́yìn ni: bí ìrìn bá yára sí i, ó máa ń tó ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí ìlù ọkàn tó dúró síbi tó yẹ. Ẹni tó bá wo aago lẹ́yìn ìdajì ìṣẹ́jú, nọ́ńbà ìpele tó ti kọjá ló rí. Bẹ́ẹ̀ náà ni wíwo aago ṣáájú ọ̀rọ̀ ní ìdí, torí pé ọ̀rọ̀ sísọ ń yí mímí pa dà, ó sì lè yí ìlù ọkàn pa dà pẹ̀lú.

Àpẹẹrẹ kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Ẹ jẹ́ ká mú tíṣà obìnrin kan, ẹni ọdún 46, tó ń gbé ní Kàbbà, tó ti ń rìn ní òwúrọ̀ fún ọdún kan. Ìlù ọkàn rẹ̀ lórí ibùsùn jẹ́ 72, 76 àti 74, ìyẹn 74 ní àárín. Aago rẹ̀ gba 174 gẹ́gẹ́ bí òkè, ó sì pín in: iṣẹ́ ìwọ̀ntúnwọ̀nsì láti nǹkan bí 111 dé 132, iṣẹ́ líle láti ibẹ̀ lọ sókè. Ohun tó kọ sílẹ̀ lórí pápá nìyí:

| Ìgbésẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan | Ìlù ọkàn | Bó ṣe le tó | Ọ̀rọ̀ |
|---|---|---|---|
| 90 | 98 | 2 | bẹ́ẹ̀ ni |
| 100 | 107 | 3 | bẹ́ẹ̀ ni |
| 110 | 118 | 4 | bẹ́ẹ̀ ni |
| 120 | 131 | 5 | bẹ́ẹ̀ ni |
| 130 | 144 | 6 | bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ |
| 150, ìsáré | 161 | 8 | rárá |

Ní 131, ó ka oríkì rẹ̀ tán, ó sì tún rẹ́rìn-ín. Ní 144, ó mí lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó parí rẹ̀. Ní 161, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sọ kó tó mí, kò sì kà á dópin. Ẹnu ààlà rẹ̀ wà láàárín 131 sí 144, ó sì súnmọ́ 144. Nígbà tí aago ń sọ pé 133 ti di iṣẹ́ líle, ara rẹ̀ kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọkàn tirẹ̀ lè lù kọjá 174 tí wọ́n ṣírò fún un. Ẹ má ṣe ní kó sáré títí dé òpin agbára rẹ̀ láti wá nọ́ńbà yẹn, kò nílò rẹ̀.

Ohun tó kù ni kó wọ inú ètò aago, kó pa ìpele tó ti ọjọ́ orí wá rẹ́, kó sì fi tirẹ̀ sí i. Ìrìn rírọrùn rẹ̀, tó lè ṣe lọ́pọ̀ ọjọ́ láàárín ọ̀sẹ̀, á wà láti 115 dé 135. Láti 136 dé 148 ni ẹnu ààlà, níbi tí kò yẹ kó máa wà lójoojúmọ́. Kọjá 150 ni iṣẹ́ líle, fún ìgbà kúkúrú. Bí aago náà kò bá gba àtúnṣe, kó kọ nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bébà, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, kó sì pa gbígbọ̀n aago náà.

Òkè àti oòrùn

Ilẹ̀ wa kò tẹ́jú bíi pápá. Bí tíṣà yìí bá kọ ojú sí ọ̀nà tó ń gòkè lọ sí ìhà Obangogo, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni aago á ti tàn án. Èémí rẹ̀ á ti máa já nígbà tí aago ṣì ń fi 124 hàn, nítorí ọkàn kò tíì bá ẹsẹ̀ dé ibẹ̀. Bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà kò bá ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ, ó lè dé òkè kí aago tó fi bó ṣe le hàn, nọ́ńbà tó ga jù á sì wá yọ nígbà tó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, lórí òkè àti nínú ìsáré kúkúrú èyíkéyìí tí kò tó ìṣẹ́jú méjì, ẹ má wo aago rárá. Ẹ fi èémí àti nọ́ńbà ara ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ìrìn òkè rọrùn, ẹ dín ìgbésẹ̀ kù títí gbólóhùn kan gbáko á fi lè jáde, kódà bí àwọn tó kù bá ń kọjá yín.

Ti oòrùn yàtọ̀ pátápátá, ibẹ̀ ni aago sì ti wúlò jù lọ. Ẹ mú ìrọ̀lẹ́ oṣù kejì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú. Tíṣà náà bẹ̀rẹ̀ ìrìn ìṣẹ́jú 45 ní aago mẹ́rin, ní ìgbésẹ̀ 120. Ní ìṣẹ́jú kẹwàá, aago ka 130. Ní ìṣẹ́jú karùndínlógójì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yára sí i, ọ̀nà kò gòkè, síbẹ̀ aago ka 143. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó sì ní márùn-ún ààbọ̀ ni. Ọ̀pọ̀ á sọ pé aago ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Òógùn ti mú omi kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ara sì ti darí apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ lọ sí awọ kí ara lè tutù. Ẹ̀jẹ̀ tó ń padà sí ọkàn nígbà kọ̀ọ̀kan ti dín kù, nítorí náà ọkàn ń lù lọ́pọ̀ ìgbà kó lè gbé iye kan náà jáde. Èémí kò tíì mọ̀ ọ́n, torí pé iṣẹ́ iṣan kò pọ̀ sí i.

Ẹrù gidi ni ọkàn ń gbé yẹn, nítorí náà kí ó má kọ etí dídi sí aago nítorí pé ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Kó dín ìgbésẹ̀ sí 110, kó mu omi, kó wá ibòji. Bí ìlù bá padà sí nǹkan bí 135 láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kó máa lọ. Bí kò bá wálẹ̀, kó darí sílé. Bí orí bá ń fò ó, tí òtútù ń mú un nínú oòrùn, tí èébì ń gbé e tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, kí ó dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n fi omi tutù rin ín lára, kí wọ́n sì gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Nígbà tí wọn kò bá fẹnu kò

Bí aago bá sọ pé 172, tí ẹ sì ń tàkúrọ̀sọ bí ẹni jókòó, aago ló ṣeé ṣe kó ṣì í. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà náà bá iye ìgbésẹ̀ yín mu. Ẹ fún un mọ́wọ́, ẹ nu òógùn abẹ́ rẹ̀ nù, ẹ fi ìka kà á. Àmọ́ bí ìka náà bá ka nọ́ńbà gíga, tàbí tí ọkàn ń lù jàgbàjàgbà láìṣe déédéé, ẹ dúró, kí ẹ sì lọ rí dókítà kí ẹ tó tún ṣe eré ìdárayá.

Bí èémí bá ń já tí aago sì wà nísàlẹ̀, tí kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ òkè, ẹ béèrè oògùn tí ẹni náà ń lò. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, bíi aténólọ́ọ̀lù, pùròpùránólọ́ọ̀lù àti bísòpùrólọ́ọ̀lù, kì í jẹ́ kí ọkàn lù yára. Ẹni tó ń mu wọ́n lè máa mí hẹlẹ ní 110. Bó bá ń lé nọ́ńbà tí aago fi ọjọ́ orí ṣírò, á pa ara rẹ̀ lára, torí ọkàn rẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ láéláé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ ni olórí, nọ́ńbà ara tẹ̀lé e, aago ò sí níbẹ̀. Kó má sì dá oògùn dúró nítorí eré ìdárayá. Àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, bíi àmúlódípìnì, kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ ka orúkọ tó wà lára páálí kí ẹ tó parí èrò.

Nígbà ọyẹ́, èyí tó máa ń ṣini lọ́nà jù ni eruku. Ọ̀fun gbẹ, ikọ́ ń bọ̀, ọ̀rọ̀ sì lè já ní ìpele tó kéré nígbà tí ìlù ọkàn àti ẹsẹ̀ kò fi hàn pé iṣẹ́ le. Níbí, ìdánwò ọ̀rọ̀ ń wọn ọ̀fun, kò wọn agbára. Ẹ lo nọ́ńbà ara àti aago lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń fọn fèrè, tàbí tó ń há bí ẹni pé wọ́n gbé nǹkan lé e, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eruku mọ́: ẹ dúró.

Ìlù orí ibùsùn náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí tíṣà wa bá jí rí 86 dípò 74, ó lè jẹ́ pé kò sùn tó, tàbí pé ibà ń bọ̀ lọ́nà. Ara tó gbóná ń mú ọkàn yára kódà lórí ibùsùn. Kó rìn gbẹ̀fẹ́ lọ́jọ́ náà tàbí kó sinmi, kó má sì fi ìpele tó kọ sórí bébà ṣiṣẹ́, torí pé gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ á ga ju bó ṣe yẹ.

Ẹ tún ìdánwò pápá náà ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, ní àkókò kan náà lójúmọ́, pẹ̀lú oríkì kan náà àti ìgbésẹ̀ kan náà. Ohun tí ẹ ń wò ni ìlà 130 nínú tábìlì. Bí 144 bá ti di 137, tí «bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́» sì ti di «bẹ́ẹ̀ ni», ẹ fa ìpele orí bébà sókè díẹ̀, kí ẹ sì fi ìsáré 140 kún ìdánwò tó ń bọ̀, láàárín 130 àti 150.